Ìgbà wo ni kí ọ̀rọ̀ orin yọ sójú fídíò: nígbà tí ìlù dún, nígbà tí ohùn jáde, tàbí nígbà tí akọrin mí sínú?

Olóòtú_Tuntun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ń ṣe fídíò ọ̀rọ̀ orin fún orin ìjọsìn kan tí ó gùn tó ìṣẹ́jú 5. Obìnrin kan ni ó ń lé orin náà, ẹgbẹ́ akọrin sì ń dá a lóhùn. Mo gbé ìlà kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nínú àwòrán ìró, síbẹ̀ gbogbo ẹni tó wò ó ni ó sọ pé ọ̀rọ̀ ń pẹ́ yọ. Nígbà tí mo fa gbogbo rẹ̀ síwájú ní fírémù 12, àwọn ibi kan dára, ṣùgbọ́n níbi tí ìlà méjì ti tẹ̀ lé ara wọn kíákíá, ìlà àkọ́kọ́ ti ń lọ nígbà tí akọrin ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Fírémù 25 ni fídíò náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí ó yẹ kí n gé?

Onílù_Àdúgbò

Ìlù ni kí o tẹ̀ lé, àbúrò. Orin tí kò bá ìlù rìn kò sí, nítorí náà fídíò tí ó bá tẹ̀ lé ìlù kò lè ṣìnà. Ka iye ìlù tí ó wà nínú ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ 72, pín 60 sí i, yóò fún ọ ní ìṣẹ́jú-àáyá 0.83 fún ìlù kan, èyí tí ó tó fírémù 21. Fi àmì sí gbogbo fírémù mọ́kànlélógún-mọ́kànlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì máa gé lórí àmì tí ó bá sún mọ́ ìlà rẹ jù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi ṣe máa ń ṣe fídíò ijó, kò sì sí ẹni tí ó rojọ́ rí.

Àgbà_Olóòtú

Ẹ̀gbọ́n Onílù, apá kan òótọ́ wà nínú ohun tí ẹ sọ, n ó sì padà sí i nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ àwòrán ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ yẹ ìṣirò yẹn wò. Ìlù 72 nínú ìṣẹ́jú kan ń fún wa ní fírémù 20.83, kì í ṣe 21. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ bí a bá ka ìlù 60, ìṣẹ́jú-àáyá 50 péré ni orin tíì lò, ìyẹn fírémù 1,250, nígbà tí àmì ẹni tí ń ka 21 yóò ti dé 1,260. Fírémù 10 ni ó ti fi pẹ́ kí orin tó pé ìṣẹ́jú kan, yóò sì máa pọ̀ sí i títí dé òpin. Nínú fídíò ijó tí kò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ojú lè má rí i. Nínú orin tí ó gùn tó ìṣẹ́jú 5, gbogbo ayé ni yóò rí i.

Bí ìṣirò náà bá tiẹ̀ pé, ẹni tí ń lé orin ìjọsìn kì í sábà bọ́ sórí ìlù gan-an. Ó lè jẹ́ kí ìlù kọjá kí ó tó sọ̀rọ̀, ó lè fa ọ̀rọ̀ gùn, ó sì lè dá orin dúró pátápátá kí ó tó wí gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ ni ẹni tí ń wo fídíò ń bá rìn, nítorí òun náà fẹ́ bá a kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá yọ lórí ìlù tí ohùn sì pẹ́ dé, òǹwòran ti la ẹnu sí òfo nìyẹn.

Olóòtú Tuntun, mú ibì kan ṣoṣo tí ó ń dà ọ́ láàmú, kí o sì kọ àkókò tí ohùn bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tí ó parí síbí, fírémù pẹ̀lú. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà ni tàbí díẹ̀díẹ̀.

Apáwòrán_Ìjọ

Èmi ni mo ń yí ọ̀rọ̀ orin padà lójú pátákó ńlá nílé ìjọsìn wa lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí akọrin bá ti dé ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìlà, kí o tẹ bọ́tìnì. Má dúró dìgbà tí ó bá parí. Bí o bá dúró, gbogbo ìjọ á dákẹ́. Ìṣòro mi tiẹ̀ ni pé adarí orin wa máa ń padà sí ègbè láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ẹ̀yin máa ń ṣe sí irú rẹ̀?

Àgbà_Olóòtú

Ẹ̀gbọ́n Apáwòrán, iṣẹ́ tiyín ni ti ẹni tí kò mọ ibi tí orin yóò yà sí, nítorí náà ó tọ́ kí ẹ máa yá ju ohùn lọ. Ẹni tí orin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ kò ní ìdí láti méfò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ adarí yín ní ojú ewé ìjíròrò tirẹ̀, nítorí ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olóòtú_Tuntun

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ibi tí ó ń dà mí láàmú nìyí, mo sì kọ àkókò rẹ̀ bí ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú-àáyá àti fírémù. Ìlà àkọ́kọ́ ni «Olúwa, ìwọ ni mo dúró dè lówùúrọ̀», èkejì ni «Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, mi ò ní kúrò». Ìró «rọ̀» tí ó parí ìlà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 01:15:05, akọrin sì fà á títí dé 01:17:00. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ bí ó ṣe mí sínú láti 01:17:02 dé 01:17:14. Ìró «Tí» bẹ̀rẹ̀ ní 01:17:16, ibẹ̀ ni mo sì gé sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ń yọ díẹ̀díẹ̀ fún fírémù 10, nítorí mo rò pé ìyẹn ni ó bá orin ìjọsìn mu.

Àgbà_Olóòtú

O ti kọ ìdáhùn rẹ sílẹ̀ fúnra rẹ láìmọ̀. Kọ́kọ́ wo fírémù 10 yẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní 01:17:16, kò lè hàn kedere kí ó tó di 01:18:01. Akọrin ti kọ «Títí», ó sì ti ń lọ sórí «ilẹ̀», kí òǹwòran tó rí ohun tí yóò kà dáadáa. Ojú tún nílò àkókò díẹ̀ láti kà á kí ẹnu tó lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé ó ń pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àmì rẹ wà ní ibi tó tọ́ lójú àwòrán ìró.

Nígbà náà ni o fi fírémù 12 fa gbogbo rẹ̀ síwájú. Ní ibí yìí gan-an, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní 01:17:04, èyí tí ó dára, nítorí akọrin ti dákẹ́ nígbà náà, ó ti ń mí. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé akọrin yóò máa mí fún iye àkókò kan náà láàárín gbogbo ìlà. Níbi tí ó bá ti mí fún fírémù 5 péré, fírémù 12 rẹ yóò kan ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn nínú ìlà tó ṣáájú. Àṣìṣe náà kì í ṣe nínú iye tí o mú. Ó wà nínú pé o mú iye kan ṣoṣo fún ibi tí kò dọ́gba.

Ibi tí akọrin ti mí sínú ni èmi máa ń gé sí. Nígbà tí a bá gbọ́ tí ẹnìkan mí sínú, ara wa ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀, ojú wa sì ti ń wá a. Bí ọ̀rọ̀ bá yọ nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó yá jù, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó pẹ́.

Nínú ọ̀ràn tìrẹ, jẹ́ kí ìlà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní 01:17:00, níbi tí ohùn ti parí, kí ó sì ti lọ tán ní 01:17:04. Láti 01:17:04 ni kí ìlà kejì máa yọ fún fírémù 6 péré, kí ó sì hàn tán ní 01:17:10. Ìyẹn fi fírémù 6 ṣáájú «Tí», nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Má ṣe jẹ́ kí ìlà tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ gun ara wọn lórí ní ojú kan náà, nítorí fún ìwọ̀nba fírémù tí wọ́n bá fi pàdé, kò sí èyí tí ó ṣeé kà nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá_Akọrin

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń kọ́ àwọn akọrin fún ọ̀pọ̀ ọdún, n kò sì mọ nǹkan kan nípa fírémù, ṣùgbọ́n ohun tí Àgbà Olóòtú sọ nípa mímí yé mi dáadáa. Ibi tí mo bá ti ní kí àwọn akọrin mí ni gbólóhùn orin ti parí. Ẹni tí ó bá gé ìlà síbòmíràn ń gé gbólóhùn orin sí méjì.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Nínú ohun tí ọmọ wa kọ sílẹ̀, kò sí mímí kankan láàárín «ṣú» àti «mi ò ní kúrò», àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí ó wà lójú pọ̀. Mo ti rí fídíò níbi tí wọ́n ti pín irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí méjì nítorí kí ojú ìwé má baà kún, àwọn tí ń kọrin sì ń mí níbi tí kò yẹ.

Ohun kejì ni pé ìró tí a ń gbọ́ gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ibi tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀. Nínú «ṣú», «ṣ» ti ń jáde kí «ú» tó bọ́ sórí ìlù. Mo máa ń sọ fún àwọn akọrin mi pé fáwẹ́lì ni kí ó bá ìlù dé, kí kọ́ńsónáǹtì ti ṣáájú.

Àgbà_Olóòtú

Ẹ ṣeun, mà. Òótọ́ ni, ìyẹn sì ni ó fà á tí àwòrán ìró fi ń tan àwọn ọmọ tuntun jẹ. Fáwẹ́lì ni ó máa ń ga jù lójú rẹ̀, wọn a sì rò pé ibi tí ó ti ga ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. «Ṣ», «f» àti «h» máa ń dà bí koríko kékeré níwájú òkè, bí ìlù bá sì wà nínú orin, ìlù yóò bò wọ́n mọ́lẹ̀. Olóòtú Tuntun, bí o bá lè rí ohùn olórin nìkan gbà lọ́wọ́ ẹni tó po orin náà pọ̀, gbà á, kí o fi í ṣe ojú ìwọ̀n, lẹ́yìn náà kí o pa ohùn rẹ̀ kí orin tó pé nìkan máa dún.

Ó ku ibì kan tí òfin mímí kò ti ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń gé mímí akọrin kúrò nígbà tí wọ́n bá ń po orin, tàbí kí ìró tó ń dún tẹ̀lé ohùn bò ó. Ní irú ibẹ̀, ìró yẹn lè mú kí o rò pé akọrin ṣì ń fa ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti dákẹ́ tipẹ́. Èmi máa ń ka fírémù 6 sí 8 sẹ́yìn láti ibi tí fáwẹ́lì àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ hàn tán níbẹ̀. Níbi tí duru ti ń dá dún fún àkókò gígùn, n kì í jẹ́ kí ìlà tuntun ṣáájú ohùn ju ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí ó bá yá jù bẹ́ẹ̀, òǹwòran yóò ti kà á tán, yóò sì máa dúró de akọrin.

Olóòtú_Tuntun

Mo ti tún ìlà méjì náà ṣe, ìyàtọ̀ rẹ̀ yà mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ègbè ti dá mi dúró báyìí. Akọrin fa «kúrò» láti 01:22:00 títí dé 01:24:00, ẹgbẹ́ akọrin sì ti bẹ̀rẹ̀ «mi ò ní kúrò, mi ò ní kúrò» ní 01:22:20, nígbà tí ohùn tirẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà wo ni kí n mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kúrò?

Àgbà_Olóòtú

Má mú un kúrò. Lílé àti ègbè kì í ṣe ìlà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, ẹnu méjì ni wọ́n. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibùjókòó tirẹ̀ lójú fídíò, lílé lókè, ègbè nísàlẹ̀, kí wọ́n má sì pààrọ̀ àyè títí orin yóò fi parí. Jẹ́ kí ègbè hàn tán ní 01:22:14 tàbí 01:22:15 láìfọwọ́ kan ìlà òkè, kí ìlà òkè sì rọra lọ ní 01:24:00 tí akọrin bá ti dákẹ́.

Onílù_Àdúgbò

Mo gbà pé n kò ka ìlù yẹn dáadáa. Àmọ́ ẹ ní ẹ ó padà sí ọ̀rọ̀ mi.

Àgbà_Olóòtú

Mo ń padà bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Àwòrán ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ yín bá mu: òkè, omi, ọwọ́ tí a gbé sókè, ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ó dára kí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ yí padà lórí ìlù, pàápàá lórí ìlù àkọ́kọ́ tí ó ṣí ẹsẹ tuntun tàbí ibi tí duru ti ń dá dún. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó yí padà ní fírémù kan náà tí ọ̀rọ̀ tuntun yọ, nítorí àwòrán ni ojú yóò kọ́kọ́ sá lọ bá, yóò sì ti pàdánù ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Nínú orin tó ń rìn jẹ́jẹ́ báyìí, mo máa ń jẹ́ kí àwòrán kan ṣoṣo gbé odidi ẹsẹ kan. Ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń pààrọ̀ àwòrán lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, fídíò náà a wá dà bí ẹni tí ń sáré nígbà tí orin ń rìn.

Olóòtú_Tuntun

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan. Gbogbo ìlà tí mo tún ṣe lánàá nípa títẹ bọ́tìnì M tí ń fi àmì sí ìlà àkókò bí orin ṣe ń lọ, gbogbo wọn ni wọ́n tún pẹ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ bákan náà, nǹkan bí fírémù 5. Àwọn tí mo fi ojú wá nínú àwòrán ìró nìkan ni ó dára. Ẹ̀rọ agbétí tí kò ní wáyà ni mo lò.

Àgbà_Olóòtú

Ẹ̀rọ agbétí yẹn ni. Ohùn máa ń pẹ́ kí ó tó dé etí nínú irú rẹ̀, ìka rẹ sì ń tẹ̀ lé ohun tí etí gbọ́. Ìró tí o gbọ́ ti kọjá lójú ìlà àkókò kí o tó tẹ bọ́tìnì. Lo èyí tí ó ní wáyà, kódà kí ó jẹ́ èyí tí kò dára púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ka ohun tí ìka tẹ̀ sí àmì ìgbà díẹ̀ lásán, kí o sì lọ tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe lójú àwòrán ìró.

Bí o bá sì fẹ́ dán an wò, má ṣe bi ẹni tó wò ó bóyá ó dára. Wá ẹni tí kò mọ orin náà rí, kí o ní kí ó bá a kọ ọ́ láti ìlà kejì lọ, kí ìwọ máa gbọ́ ẹnu rẹ̀. Ní ibi tí ó bá ti wọlé lẹ́yìn akọrin, ọ̀rọ̀ rẹ pẹ́. Ní ibi tí ó bá ti ṣáájú akọrin, ó yá jù.

Ìyá_Akọrin

Ìbéèrè kan ni mo ní. A máa ń kọ ègbè kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ọ̀rọ̀ kan náà, láìyí padà. Ṣé ẹ ó máa mú un lọ tí ẹ ó sì máa mú un padà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà? Lójú tèmi, ó ń da ọkàn ẹni láàmú. Kí ó dúró síbẹ̀.

Apáwòrán_Ìjọ

Rárá, mà, ẹ jọ̀wọ́. Bí ó bá dúró síbẹ̀, àwọn ènìyàn á rò pé ẹ̀rọ ti há. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àgbà_Olóòtú

Lórí èyí, èmi àti ìyá wa kò tíì fohùn ṣọ̀kan, mo sì ti ṣe é ní ọ̀nà méjèèjì. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé n kò mú ọ̀rọ̀ náà kúrò, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti mí, kí ó sì padà kí fáwẹ́lì tó dé. Ẹni tí ó bá ń kọrin kò ní kíyè sí i, ẹni tí ó bá sì ń wò ó yóò mọ̀ pé fídíò ń rìn. Bí ó bá di ìgbà kẹfà, èmi gan-an kì í mọ̀ bóyá ó tọ́ tàbí kò tọ́.

Olóòtú_Tuntun

Mo ti lo ẹ̀rọ agbétí onífáyà. Ẹ forí jì mí, oníwáyà ni mo fẹ́ kọ. Mo ti tún ẹsẹ méjì àkọ́kọ́ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì bá a kọ ọ́ láì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni ó pẹ́ wọlé, níbi tí olórin kò ti mí rárá kí ó tó bọ́ sí ìlà kẹta. Mo ń lọ ka fírémù 8 sẹ́yìn níbẹ̀ báyìí.